Aago géèmù kì í ṣe ohun tí à ń rò pọ̀, ohun tí à ń kà ni

Mo mọ̀ pé ẹ ti ń retí kí n wá ráhùn nípa físà àti owó ilé bí mo ṣe máa ń ṣe, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ oòrùn ni mo gbé wá lónìí. Oòrùn inú géèmù ni o. Èrò mi rèé, ẹni tó bá fẹ́ bá mi jiyàn, ààyè wà nísàlẹ̀: ẹnikẹ́ni tó bá kọ géèmù tó ní ọ̀sán àti òru, tó wá fi `float` pa aago rẹ̀ mọ́, tó ń fi ìda ìṣẹ́jú-àáyá bíńtín kún un nígbà gbogbo tí ẹ̀rọ bá ya àwòrán kan, aago tó máa kú ló kọ́. Mi ò sọ pé ó lè kú. Mo ní ó máa kú, a sì lè fi bírò ṣírò wákàtí tí yóò kú sí kó tó kú.

Ohun tó mú ọ̀rọ̀ yìí bí mi nínú ni pé ìlà kan ṣoṣo ló ń fà á, ìlà ọ̀hún sì wà nínú ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n ń kọ́ gbogbo ẹni tó bá fẹ́ kọ géèmù:

```c
float aago = 0.0f;
aago += dt;
```

`dt` yẹn ni iye àkókò tó kọjá láti ìgbà tí ẹ̀rọ ti ya àwòrán tó ṣáájú, ìyẹn fírémù tó ṣáájú. Bí ẹ̀rọ bá ń ya fírémù 60 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, `dt` jẹ́ 1/60, nǹkan bíi 0.0167. Ẹ fi kún aago, ẹ tún fi kún un, ẹ máa bá a lọ bẹ́ẹ̀. Ta ni yóò wo irú nǹkan báyìí tí yóò ní ó burú? Bí ẹ bá dán an wò fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá dán an wò fún wákàtí kan, ó ṣì ń ṣiṣẹ́.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé `float` kì í ṣe nọ́ńbà bí èyí tí a kọ́ nílé ìwé. Àpótí kékeré ni, bíìtì 32 péré ló gbà, dígíìtì tó wúlò nínú rẹ̀ kò sì ju bíìtì 24 lọ. Nítorí náà, kò lè gba gbogbo nọ́ńbà. Àlàfo wà láàárín èyí tó lè gbà àti èyí tó tẹ̀ lé e, àlàfo náà sì ń fẹ̀ sí i bí nọ́ńbà bá ṣe ń tóbi: bí nọ́ńbà bá ti di ìlọ́po méjì, àlàfo náà di ìlọ́po méjì. Ẹ rò ó bí ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn tírélà lójú ọ̀nà márosẹ̀. Ìwọ̀n yẹn mọ tọ́ọ̀nù, ó mọ kílò, ṣùgbọ́n bí tírélà bá ti wà lórí rẹ̀, ẹ da ṣíbí iyọ̀ kan lé e lórí, kò ní mọ̀. Ẹ da ẹgbẹ̀rún ṣíbí lé e, lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ìwọ̀n sì máa gbàgbé èyí tó ti kọjá kí òmíràn tó dé, kò ní mọ̀ síbẹ̀. Tírélà ni aago tó ti ń ka ìṣẹ́jú-àáyá láti ọjọ́ pípẹ́. Ṣíbí iyọ̀ ni `dt`.

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà sí i. Bí aago bá ti dé ìṣẹ́jú-àáyá 131072, ìyẹn bíi wákàtí 36 àti ààbọ̀, àlàfo tó wà láàárín nọ́ńbà kan àti ìkejì jẹ́ 1/64. Ẹ ní kó fi 1/60 kún ara rẹ̀, kò ní ibi tí yóò kọ 1/60 sí. Èyí tó sún mọ́ ọn jù, tó sì lè gbà, ni 1/64, òun ni yóò fi kún un. Ní fírémù tó kàn, ohun kan náà. Kì í ṣe pé ó ń ṣì í sọ́tùn-ún lónìí kó ṣì í sósì lọ́la, kí gbogbo rẹ̀ wá pa ara rẹ̀ rẹ́. Apá kan náà ló ń ṣì í sí, ìgbà ọgọ́ta ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Aago á máa falẹ̀ pẹ̀lú ìdá 6.25 nínú ọgọ́rùn-ún, kò sì ní sinmi.

Ibi tí mo ti rí i lójú mi nìyí. Àwa mẹ́jọ la jọ ń dáko nínú géèmù kan tí n kò ní dárúkọ. Àwọn kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, àwọn kan ní Tòróńtò, ẹnì kan wà ní Téksáàsì tó jẹ́ pé ọ̀sán tiwa ni òwúrọ̀ tirẹ̀. A yá sáfà kan tó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru kí kálukú lè wọlé nígbà tó bá ráyè. Ọjọ́ kan nínú géèmù náà jẹ́ ìṣẹ́jú 24 ti ayé, nítorí náà ìṣẹ́jú-àáyá kan tiwa jẹ́ ìṣẹ́jú kan tiwọn. Sáfà ń ka ìgbà 60 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Aago bẹ̀rẹ̀ láti òdo, òdo sì ni ọ̀gànjọ́ òru. Ẹ̀gbọ́n wa tó ń bójú tó sáfà tan ayé tuntun fún wa ní aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè kan.

Ẹni tó kọ́kọ́ fura ni aunti kan nínú wa tó jẹ́ nọ́ọ̀sì. Wákàtí kan péré ló máa ń rí ṣeré lẹ́yìn iṣẹ́ alẹ́, ó sì ti mọ̀ pé ọjọ́ méjì géèmù gba ìṣẹ́jú 48, kó bomi rin ewébẹ̀, kó kórè, kó lọ sùn. Ní Túsìdé, ó ní ọjọ́ méjì náà gba ìṣẹ́jú 51. Àwọn èèyàn fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní íńtánẹ́ẹ̀tì ilé rẹ̀ ló ń fà, wọ́n ní oorun ló ń kùn ún. Ó gbé fóònù, ó wọn ọjọ́ kan géèmù láti ìlà oòrùn dé ìlà oòrùn. Ìṣẹ́jú 25 àti ìṣẹ́jú-àáyá 36. Ó tún wọ̀n ọ́n, iye kan náà. Ní alẹ́ Tọ́sìdé, ó tún pariwo: ọjọ́ ti ń sáré báyìí, ìṣẹ́jú 12 àti ìṣẹ́jú-àáyá 48. Nígbà tó fi máa di àárọ̀ Sátidé, kálukú wọlé, òru ni wọ́n bá. Wọ́n dúró, wọ́n dúró, ilẹ̀ ò mọ́. Aago ara ògiri nínú géèmù ń fi 2:08 òru hàn, kò sì kúrò níbẹ̀.

Nọ́ńbà aunti yẹn ló tú àṣírí náà. Ẹ pín ìṣẹ́jú 24 sí 25 àti ìṣẹ́jú-àáyá 36, ẹ óò rí 0.9375. Iye yẹn gan-an ni 60 lọ́nà 1/64. Íńtánẹ́ẹ̀tì tí kò dáa kì í mú iye tó mọ́ lẹ́sẹẹsẹ bẹ́ẹ̀ wá. Bí ìdí kan bá jẹ́ ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ọjọ́ kan yóò gùn, òmíràn yóò kúrú, ìwọ̀n kò ní bá ara mu lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí mo rí iye yẹn, mo jókòó, mo sì ṣírò ọ̀sẹ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Láti aago mẹ́jọ àárọ̀ Mọ́ńdè, nǹkan dára ní wákàtí mẹ́rin àti ààbọ̀ àkọ́kọ́. Àṣìṣe wà níbẹ̀ àmọ́ kò tó ohun tí ojú ń rí. Ní nǹkan bíi 12:34 ọ̀sán, aago kọjá 16384, àlàfo di 1/512. Ìdá 1/512 mẹ́jọ kéré ju 1/60 lọ, mẹ́sàn-án sì ju 1/60 lọ díẹ̀. Mẹ́sàn-án ló sún mọ́ ọn jù, aago bẹ̀rẹ̀ sí í sáré pẹ̀lú ìdá márùn-ún àti ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Nígbà tó ku díẹ̀ kí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ lù, ó kọjá 32768, ó yí padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀ sí 0.9375, ibẹ̀ ló sì wà títí di ọ̀sán Tọ́sìdé. Àlàfo ń fẹ̀ láàárín ìgbà yẹn o, láti 1/256 lọ sí 1/128, lọ sí 1/64, ṣùgbọ́n ibi kan náà ni gbogbo wọn ń sún 1/60 sí. Nígbà yẹn, aago ti fi wákàtí mẹ́rin gbáko rẹ̀yìn sí ti ayé. Ọjọ́ mẹ́wàá géèmù nìyẹn, ọjọ́ mẹ́wàá tí kò sí ohun ọ̀gbìn kankan tó dàgbà.

Tọ́sìdé, kó tó di aago kan ọ̀sán, ó dé 262144. Àlàfo di 1/32. Ibi tó wá lágbára nìyí. Ìdajì 1/32 jẹ́ 1/64, 1/60 sì ju 1/64 lọ díẹ̀, nítorí náà 1/32 odindi ló sún mọ́ ọn ju òdo lọ. Ẹ fi 1/60 fún un, ó fi 1/32 kún ara rẹ̀. Aago ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé, ó fẹ́rẹ̀ tó ìlọ́po méjì. Ó ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí di nǹkan bíi 3:41 òru Sátidé, tó dé 524288. Àlàfo di 1/16. Ìdajì rẹ̀, 1/32, ju 1/60 lọ. Òdo ló wá sún mọ́ ọn jù báyìí. Ó parí. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀:

```c
float aago = 524288.0f;
aago += 1.0f / 60.0f;
printf("%f\n", aago);
```

`524288.000000` ni yóò rí. Kó tẹ̀ ẹ́ nígbà mílíọ̀nù kan, òun náà ni. Ẹ yọ odindi ọjọ́ 364 géèmù kúrò nínú 524288, ìṣẹ́jú-àáyá 128 ló kù, ìyẹn ìṣẹ́jú 128 lẹ́yìn ọ̀gànjọ́. Agogo méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́jọ òru. 2:08. Ibi tí oòrùn wa sùn sí nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n wa kọ̀wé sí àwọn tó ni géèmù náà. Èsì wọn: ẹ pa sáfà, kẹ́ ẹ tún un tàn. Ó ṣe bẹ́ẹ̀. 2:08 òru. Kò lè ṣàìrí bẹ́ẹ̀, nítorí pé aago náà wà nínú fáìlì tí ayé yẹn wà ní ìpamọ́ sí. Bí sáfà bá ti jí, 524288 náà ló kọ́kọ́ kà. Gbólóhùn "ẹ tún un tàn" yìí ló ti sú mi jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Bí aago bá jẹ́ èyí tí ń bẹ̀rẹ̀ láti òdo nígbà gbogbo tí a bá tan ẹ̀rọ, títàn á bo àrùn náà mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, gbogbo èèyàn á sì máa rò pé sáfà ló rẹ̀. Bí ó bá wá wà nínú fáìlì, títàn kò ran nǹkan kan.

Ẹnì kan dá a lábàá pé ká dá aago padà sí òdo. Mo ní rárá. Kálukú ohun ọ̀gbìn ló ní àkókò tí wọ́n gbìn ín lára, ọjọ́ orí rẹ̀ sì ni aago ìsinsìnyí tí a yọ àkókò náà kúrò nínú rẹ̀. Iṣu tí aunti wa gbìn nígbà tí aago wà ní 500000 yóò di ohun tí a ṣì máa gbìn lọ́jọ́ iwájú. Kò ní ta títí aago yóò fi tún padà dé 500000, nígbà yẹn sì rèé, aago ti fẹ́rẹ̀ kú lẹ́ẹ̀kejì.

Ohun tí mo ní kí ẹ̀gbọ́n ṣe pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Mo ní kó ṣí fáìlì ètò sáfà, kó yí `tickrate=60` sí `tickrate=30`. Kí sáfà ṣe ìdajì iṣẹ́ tó ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ó tan sáfà, ilẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́! Kò sí idán kankan níbẹ̀. Ní ìgbà 30 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, `dt` di 1/30, 1/30 sì ju 1/32 lọ, nítorí náà ó tún sún un sókè sí 1/16. Oòrùn tún ń rìn, àmọ́ ìrìn ìlọ́po méjì yẹn náà ló ń rìn, ìṣẹ́jú 12 àti ìṣẹ́jú-àáyá 48. Mo ti sọ fún wọn pé ọjọ́ mẹ́ta àti wákàtí díẹ̀ la fi rà, pé bí ó bá ti dé 1048576, ó máa tún kú. Ọjọ́ mẹ́ta yẹn la fi kórè gbogbo ohun tó wà lóko.

Ohun tí èyí fi hàn ló yẹ kó ba gbogbo olùkọ géèmù lẹ́rù. Ẹ̀rọ tó yára ló ń tètè pa aago. Ẹni tó ra kọ̀ǹpútà olówó ńlá tó ń ya fírémù 144 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, `dt` tirẹ̀ jẹ́ 1/144, ṣíbí iyọ̀ tirẹ̀ kéré sí tiwa. Aago tirẹ̀ á kú ní 131072, tí yóò sì dé ibẹ̀ lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí 33, nígbà tí ti ẹni tó ń lo 60 yóò lò tó wákàtí 115. Bí géèmù kan bá wá jẹ́ kí ẹ̀rọ kálukú máa ṣírò oòrùn tirẹ̀ fúnra rẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ méjì lè dúró síbi kan náà nínú ayé kan náà, kí ọ̀kan máa rí ọ̀sán, kí èkejì máa rí òru. Kálukú á sì búra pé òun kò purọ́.

Mo ti gbọ́ àwọn àwáwí, ẹ jẹ́ kí n dá wọn lóhùn. Àkọ́kọ́: "Ta ló ń ṣeré fún ọjọ́ márùn-ún láìsùn?" Sáfà kì í sùn. Ẹni tó sì ń ṣe é ní wákàtí méjì lóòjọ́, bí géèmù rẹ̀ bá ń pa àròpọ̀ aago mọ́ sínú fáìlì, láàárín ọjọ́ márùn-ún ó ti kọjá 32768, ó ti wọ ibi tí ọjọ́ ti di ìṣẹ́jú 25 àti àbọ̀. Kò ní bínú, kò ní kọ̀wé sí ẹnikẹ́ni. Ó kàn máa rí i pé géèmù náà ti ń falẹ̀ lára òun, kò sì ní mọ ìdí.

Èkejì ni ti àwọn tó ní ká máa dá aago padà sí òdo ní ọ̀gànjọ́ gbogbo, ká pa á mọ́ bí ìdá ọjọ́, láti 0 dé 1. Èyí sàn púpọ̀, mi ò ní purọ́. Tírélà kò ní tóbi ju ìwọ̀n lọ láé. Ṣùgbọ́n ṣíbí iyọ̀ náà ti kéré sí i, torí pé fírémù kan nínú ọjọ́ oní-ìṣẹ́jú-24 jẹ́ ìdá kan nínú 86400 ọjọ́ náà. Mo ṣírò rẹ̀: lọ́jọ́ géèmù kan, ó ń pàdánù ohun tó kù díẹ̀ kó pé ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ ní kò tó nǹkan. Ọjọ́ géèmù 60 ló wà nínú ọjọ́ ayé kan. Tó bá di ọ̀la ní àkókò yìí, aago géèmù ti fi ohun tó fẹ́rẹ̀ tó wákàtí kan tirẹ̀ rẹ̀yìn. Ẹni tó bá ṣètò pé kí ọjà ṣí ní agogo méje àárọ̀ géèmù nígbà tí àwọn èèyàn ilé bá dé láti ibi iṣẹ́, ọjà náà á máa sún díẹ̀díẹ̀ ni.

Ẹ̀kẹta, `double`. Ṣé ẹ rí i, mi ò bá `double` jà. Bíìtì 53 ló ní fún dígíìtì, àṣìṣe rẹ̀ níbi tí `float` wa ti kú kò tó ìṣẹ́jú-àáyá kan nínú ọdún kan. Bruce Dawson ti kọ̀wé lórí èyí láti ọdún 2012, ó sì mú àbá kan wá tó dùn mọ́ mi: kí aago `double` má bẹ̀rẹ̀ láti òdo, kó bẹ̀rẹ̀ láti 4294967296, kí àlàfo rẹ̀ lè dúró sójú kan fún ohun tó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ. Bí àṣìṣe kan bá wà, ẹ óò rí i lọ́jọ́ kìíní dípò ọjọ́ karùn-ún. `Unity` náà fi `Time.timeAsDouble` kún un ní ẹ̀dà 2020.2, ṣùgbọ́n `Time.time`, tó jẹ́ `float`, ṣì wà níbẹ̀, òun sì ni ọwọ́ èèyàn kọ́kọ́ ń lọ sí.

Síbẹ̀, bí a bá bi mí, àkókò géèmù kò yẹ kó jẹ́ àròpọ̀ ìdá rárá. Kíkà ló yẹ. `Minecraft` ti ń ṣe é láti ọjọ́ pípẹ́: odindi nọ́ńbà ni àkókò rẹ̀, ìgbà 20 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, 24000 ló pé ọjọ́ kan, ìyẹn ìṣẹ́jú 20. Odindi nọ́ńbà kò ní àlàfo tó ń fẹ̀. Kan sí méjì, méjì sí mẹ́ta, bí ìyá alágbo ṣe ń ka ìgò. Fún géèmù bíi tiwa, mo máa kọ ọ́ báyìí:

```c
aseku += dt;
while (aseku >= TIKI_KAN) {
    aseku -= TIKI_KAN;
    tiki++;
}
float ipin = (tiki % 86400) / 86400.0f;
```

`tiki` jẹ́ `uint64_t`, `TIKI_KAN` sì jẹ́ 1/60. Àṣẹ́kù yẹn nìkan ló ṣì jẹ́ `float`, kì í sì í pẹ́ dàgbà, torí pé bó bá ti pé tíìkì kan ni a ti ń yọ ọ́ kúrò. Kékeré ni a ń fi kún kékeré. Àṣìṣe tó kù níbẹ̀ kò tó ìṣẹ́jú-àáyá kan lóṣù. `ipin` ni kẹ́ ẹ fún ojú ọ̀run láti fi ya oòrùn, ẹ kàn ń ṣírò rẹ̀ lákọ̀tun ní gbogbo fírémù ni, ẹ kì í rò ó pọ̀ mọ́ ti àná. Ẹ má sì fún ojú ọ̀run ní àròpọ̀ ìṣẹ́jú-àáyá o, kódà bí aago yín bá tọ́. Àwọsánmà àti omi tí ń mì tí wọ́n ń fi irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ yà á bẹ̀rẹ̀ sí í ta pọ́n-ún pọ́n-ún bí nọ́ńbà bá ti tóbi. Nítorí èyí ni `Godot` ṣe ń dá `TIME` tó wà nínú ṣédà padà sí òdo lẹ́yìn gbogbo 3600, àyàfi tẹ́ ẹ bá yí i padà.

Ayé tó ti wà nínú fáìlì tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Ẹ ka `float` àtijọ́ náà lẹ́ẹ̀kan, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 60, ẹ fi sínú `tiki`. 524288 tiwa á di 31457280. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún àkókò tí wọ́n gbin gbogbo ohun ọ̀gbìn náà. Ọjọ́ mẹ́wàá tó sọnù kò ní padà, ṣùgbọ́n iṣu aunti á mọ ọjọ́ orí ara rẹ̀. Mo ti kọ gbogbo èyí ránṣẹ́ sí àwọn tó ni géèmù náà, pẹ̀lú nọ́ńbà ìṣẹ́jú 25 àti ìṣẹ́jú-àáyá 36 yẹn lókè. Mo ṣì ń retí èsì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ géèmù kékeré lábẹ́lẹ̀ láàárín wa, mo mọ̀ yín, ẹ má dúró ọjọ́ márùn-ún kẹ́ ẹ tó dán tiyín wò. Ẹ fi `262144.0f` bẹ̀rẹ̀ aago yín, ẹ so fírémù mọ́ 60, kẹ́ ẹ gbé fóònù, kẹ́ ẹ wọn ọjọ́ kan. Bó bá gba ìdajì àkókò tó yẹ kó gbà àti díẹ̀ lé, ẹ ti rí i. Lẹ́yìn náà, ẹ fi `524288.0f` bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ilẹ̀ á mọ́.